Láptọ́ọ̀pù Kọṣẹ́, Gbèdéke Kù Sí Dẹ̀dẹ̀: Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé sí Olùkọ́

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣàánú mi, láptọ́ọ̀pù mi ti kọṣẹ́, gbogbo iṣẹ́ mi ló bá a lọ, ẹ fún mi ní àkókò díẹ̀ sí i.” Irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí kì í wọ́n lórí fóònù olùkọ́ yunifásítì nígbà tí gbèdéke iṣẹ́ àṣetiléwá bá ti ń sún mọ́lé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé. Síbẹ̀, olùkọ́ tó kà á kò rí nǹkan kan fi ṣe. Nọ́ńbà lásán ló yọ lójú fóònù rẹ̀, kò mọ ẹni tó kọ̀wé. Kò mọ kóòsì tí ọ̀rọ̀ náà kàn, bẹ́ẹ̀ ó lè máa kọ́ kíláàsì mẹ́ta ní sáà kan ṣoṣo. Kò mọ ibi tí iṣẹ́ dé kí ẹ̀rọ tó kú. “Àkókò díẹ̀” sì lè jẹ́ wákàtí méjì, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Kó tó lè fèsì, àfi kó kọ́kọ́ máa béèrè gbogbo èyí lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò sì ní ráyè rẹ̀. Wọn á kà á, wọn á gbé fóònù sílẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó ń mú kí olùkọ́ lọ́ra. Irọ́ ti ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Àwọn kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ta fáìlì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì kọ nǹkan kan á rà á, á fi àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, á fi ránṣẹ́ kí gbèdéke tó pé. Bí olùkọ́ bá fẹ́ ṣí i, kò ní ṣí. Kí olùkọ́ tó ránṣẹ́ pé kó tún un fi ránṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ á ti rí ọjọ́ mélòó kan fi ṣiṣẹ́. Olùkọ́ tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí rí kò ní í tètè gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbọ́. Olóòótọ́ wá ń san gbèsè tí onírọ́ jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹkún àti ẹ̀bẹ̀ kò fi ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú ìwé yìí, nítorí onírọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n bẹ̀. Ohun tí onírọ́ kì í sábà ní ni ẹ̀rí, ìdajì iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀, àti ìṣirò iye wákàtí tó kù.

Ẹ jẹ́ ká fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sì bá a rìn láti ìgbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kọṣẹ́ títí di ìgbà tí èsì fi dé. Ọdún kẹta ló wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá. Olùkọ́ ní kí wọ́n lọ gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin ní agbègbè Ọ̀yọ́, kí wọ́n dà á kọ, kí wọ́n sì ṣe àlàyé lé e lórí, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọ̀rọ̀ lápapọ̀, kó dé ọ́fíìsì ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ọmọ yìí ń lò, bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, orí ṣájà ló máa ń wà nígbà gbogbo. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iná ṣẹ́jú, ẹ̀rọ pa lójijì. Nígbà tí iná dé tó tún un tàn, ojú dúdú ló rí, pẹ̀lú ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: `No bootable device`.

Ìlà yẹn kò sọ pé iṣẹ́ ti ṣègbé. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀rọ jí, ó wá Windows tó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò rí i. Ó lè jẹ́ pé díìsìkì tó ń tọ́jú fáìlì ti kú ni, ó lè jẹ́ pé ó kàn yẹ̀ kúrò lójú ibi tí wọ́n so ó mọ́, ó sì lè jẹ́ pé fáìlì Windows nìkan ló bàjẹ́ nígbà tí iná lọ, tí fáìlì oní-ǹkan sì wà níbẹ̀ láìfarapa. Bákan náà, ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn pátápátá, tí kò tilẹ̀ tàn, sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣájà, ti ojú ẹ̀rọ tàbí ti bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Díìsìkì inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè wà pẹ́ntẹ́. Èyí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ̀ kó tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, nítorí ikú ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ikú iṣẹ́, bí olùkọ́ bá sì béèrè, ọ̀tọ̀ ni èsì ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Etí ni a fi ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Háàdì díìsìkì àtijọ́ ní àwo tó ń yí nínú rẹ̀. Bó bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ léraléra, ọwọ́ tó ń kàwé lórí àwo náà ti ń ṣe ségesège nìyẹn. Kí a pa ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a má sì tún un tàn mọ́, nítorí gbogbo ìgbà tí àwo bá tún yí ló lè máa ha á sí i, tí ohun tí a ì bá rí yọ yóò fi tán. Irú díìsìkì tuntun tí wọ́n ń pè ní SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, kì í dún, ó sì lè kú láìṣe àpẹẹrẹ kankan ṣáájú. Ti akẹ́kọ̀ọ́ wa dún. Ó fi fóònù ya àwòrán ojú ẹ̀rọ pẹ̀lú ìlà ọ̀rọ̀ náà, ó pa á, ó sì fi í sílẹ̀.

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wò. Kò tíì tẹ ọ̀rọ̀ kankan sí olùkọ́. Fóònù rẹ̀ ló mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ lè ti sá pamọ́ sí. Ó wo àwọn ímeèlì tó ti fi ránṣẹ́. Ó wo Wáàsáàpù, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé ní ọjọ́ Àìkú, òun ti fi ibi tí iṣẹ́ dé ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ òun kan kó bá òun kà á. Ọ̀rọ̀ 1,100 ló wà nínú fáìlì yẹn. Ohùn àwọn ìyá tó gbà sílẹ̀ wà lórí fóònù, kò débi tí ẹ̀rọ ti kọṣẹ́ rárá. Ìwé àjákọ tó fi kọ orúkọ, ìlú àti ọjọ́ tó gba ohùn wà nínú báàgì. Ìyẹn ni pé ohun tó sọnù ní ti gidi ni ohun tó kọ láàárín ọjọ́ Àìkú sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí kò ju ọ̀rọ̀ 800 lọ. Ní agogo mẹ́wàá alẹ́, ó dá a lójú pé gbogbo rẹ̀ ló lọ. Kó tó di agogo mọ́kànlá, ó ti mọ iye tó lọ.

Fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ padà tàn, ọ̀nà mìíràn tún wà. Word máa ń ṣe ẹ̀dà ìgbàpadà fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Bí ẹ̀rọ bá kú lójijì kí a tó tọ́jú iṣẹ́, ká ṣí Word, ká tẹ `File`, `Info`, `Manage Document`, lẹ́yìn náà `Recover Unsaved Documents`. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan tó kẹ́yìn nìkan la pàdánù. Ẹni tó sì ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú Google Docs tàbí tó ń tọ́jú u sínú OneDrive lè ṣí i lórí fóònù tàbí lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti wà nígbà tó kọ ọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò àfikún àkókò nítorí fáìlì. Bó bá nílò rẹ̀ rárá, nítorí pé kò rí ẹ̀rọ tí yóò fi parí iṣẹ́ ni, kó sì sọ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́rú, ọmọ náà gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ewu ńlá wà níbi tí a ń wí yìí. Iṣẹ́ tí oníṣẹ́ náà mọ̀ ni kí ẹ̀rọ padà ṣiṣẹ́, ọ̀nà tó sì yá jù lọ fún un ni kó nu díìsìkì nù, kó fi Windows tuntun sí i. Wọ́n ń pè é ní fọ́ọ̀màtì. Ẹ̀rọ á tàn, inú oníṣẹ́ á dùn, iṣẹ́ àṣetiléwá á sì ti lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ ni pé: “Fáìlì mi ni mo ń wá, ẹ má fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Ẹ bá mi yọ díìsìkì náà, kẹ́ ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn.” Bí díìsìkì bá wà láàyè, yóò yọ lójú kọ̀ǹpútà kejì bí ìgbà tí a ki fíláṣì bọ̀ ọ́, a ó sì da fáìlì kọ jáde. Bó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, tí í ṣe òǹkà 48, inú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí ẹ̀rọ náà ló sábà máa ń wà, ní `aka.ms/myrecoverykey`. Àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan tún wà tí wọ́n jó ibi ìtọ́jú fáìlì mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé yọ rárá.

Ti ọmọ yìí ṣeé yọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kejì kò rí i. Oníṣẹ́ ní kó lọ fún àwọn tó ń yọ fáìlì láti inú díìsìkì tó ti kú, pé ó ń gba ọjọ́ púpọ̀, ó sì ń gba owó. Ọmọ náà kò dúró de ìyẹn. Ó ní kí oníṣẹ́ kọ rìsíìtì fún òun, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì kọ ohun tó rí sí i. Ó wá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Ìṣirò náà ló gbé ìwé yìí ró. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́, 1,100 ti wà lọ́wọ́, 1,900 ló kù. Ẹni tó bá ti da ohùn kọ rí ní Yorùbá mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í yá. Èèyàn á gbọ́, á dá ohùn padà sẹ́yìn, á tún gbọ́, á tẹ ọ̀rọ̀, á fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ọmọ yìí mọ̀ pé òun kì í tẹ̀ ju nǹkan bí igba ọ̀rọ̀ lọ ní wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Yàrá kọ̀ǹpútà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ máa ń ṣí títí di agogo mẹ́rin. Ní Ọjọ́bọ̀, yóò rí wákàtí mẹ́ta lò níbẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ní ìdánwò kóòsì mìíràn, wákàtí méjì péré ló lè rí. Wákàtí márùn-ún á fún un ní ẹgbẹ̀rún kan ọ̀rọ̀. Nígbà tí agogo mẹ́rin bá lù, 2,100 ni yóò wà nílẹ̀, 900 yóò sì kù, ìyẹn wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbà láti yá a ní láptọ́ọ̀pù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú ni yóò fi yẹ àmì ohùn wò. Ó wá di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe “àkókò díẹ̀”.

Agogo méjì ọ̀sán ọjọ́rú ló fi ímeèlì yìí ránṣẹ́, nígbà tí gbèdéke ṣì ku ọjọ́ méjì. Àkọlé rẹ̀ ni kóòsì náà, nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀, àti “Ìtọrọ àfikún àkókò títí di aago 10 òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé”. Ohun tó kọ nìyí:

“Ọ̀mọ̀wé, ẹ káàsán mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí nínú kíláàsì yín lórí lítíréṣọ̀ alohùn, mo sì ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ẹkún ìyàwó tí ẹ ní ká mú wá ní agogo mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì yìí.

“Háàdì díìsìkì láptọ́ọ̀pù mi kọṣẹ́ lálẹ́ àná nígbà tí iná lọ. Mo gbé e lọ fún àtúnṣe láàárọ̀ yìí, wọ́n so díìsìkì náà mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kò yọ. Àwòrán ojú ẹ̀rọ àti rìsíìtì oníṣẹ́ wà lábẹ́ ìwé yìí.

“Ohun tí mo pàdánù ni nǹkan bí ọ̀rọ̀ 800. Ọ̀rọ̀ 1,100 tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ti so ó mọ́ ìwé yìí. Ohùn tí mo gbà sílẹ̀ kò sọnù. Mo ti ń tún un kọ ní yàrá kọ̀ǹpútà ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n iye wákàtí tí mo lè lò níbẹ̀ kó tó di agogo mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì kò lè mú mi kọjá ọ̀rọ̀ 2,100.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ń tọrọ kí ẹ jẹ́ kí n mú odindi iṣẹ́ náà wá ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, màá mú ibi tí mo bá dé wá lọ́jọ́ Ẹtì lákòókò tí ẹ dá. Ẹ ṣeun púpọ̀ mà.”

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún, nọ́ńbà mátíríìkì àti nọ́ńbà fóònù ló fi parí rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ọ̀wọ̀ wà nínú ìwé yìí. Ó wà nínú “ẹ” àti “yín”, ó wà nínú kíkí tó ṣáájú ọ̀rọ̀, ó wà nínú oyè tó fi pe olùkọ́ àti “mà” tó tẹ̀ lé e. Ọmọ Yorùbá kankan kò lè sọ pé ọmọ yìí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Síbẹ̀ kò kúnlẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, kò pe olùkọ́ ní ìyá rẹ̀ kejì láyé, kò sọ ìtàn bí ó ṣe sunkún mọ́jú. Èrò tèmi ni pé àpọ̀jù ẹ̀bẹ̀ máa ń ni olùkọ́ lára ni, á dà bí ẹni pé bí kò bá gbà, ìkà ni. Ọ̀rọ̀ tó ga jù nínú ìwé náà ni gbólóhùn tó kẹ́yìn ẹ̀bẹ̀: “màá mú ibi tí mo bá dé wá.” Ó fi hàn pé kò ní gbèdéke olùkọ́ ní ohun yẹpẹrẹ, ó sì fún olùkọ́ láyè láti kọ̀ láìjẹ́ pé ó ba ọmọ jẹ́.

Ìdajì iṣẹ́ tó so mọ́ ìwé ṣe pàtàkì ju àwòrán ojú ẹ̀rọ lọ. Ẹnikẹ́ni lè rí àwòrán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ 1,100 tí àwọn ìyá kan kì lẹ́nu ara wọn, tó ní orúkọ ìlú àti ọjọ́, kò ṣeé já gbà láàárín alẹ́ kan. Olùkọ́ tó bá ka ojú ìwé kìíní rẹ̀ á mọ̀ pé ẹni yìí ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀.

Àwọn olùkọ́ kan kò fẹ́ ímeèlì, Wáàsáàpù ni wọ́n ń lò. Àwọn mìíràn kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé sí àwọn tààrà, aṣojú kíláàsì ni kó gbé e wá. Ohun tí olùkọ́ bá ti sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni kí a tẹ̀ lé. Bó bá jẹ́ Wáàsáàpù, kí ọ̀rọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní odidi, kó má jẹ́ “ẹ káàsán mà” nìkan, ká wá dúró dè é kó dáhùn ká tó sọ ohun tó kù. Ká má sì pe olùkọ́ lórí fóònù lóru.

Agbára olùkọ́ náà ní ààlà. Iṣẹ́ àṣetiléwá wà lára máàkì tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀ kí ìdánwò tó dé, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà 30 tàbí 40 nínú 100 ni gbogbo rẹ̀, olùkọ́ sì lè sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú bó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló dá ọjọ́ rẹ̀, alábòójútó kan ṣoṣo kò lè yí i. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni ìwé ń lọ bá, nípasẹ̀ alábòójútó.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba ni èyí máa ń yà lẹ́nu. Wọ́n á kọ irú ìwé yìí sí olùkọ́ wọn bí wọ́n ti ń ṣe nílé, olùkọ́ á sì fèsì pé ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ òun. Níbẹ̀, fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kọ sí ọ́fíìsì, pẹ̀lú ẹ̀rí. Púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì náà sì kọ ọ́ sínú òfin wọn pé kọ̀ǹpútà tó kọṣẹ́ tàbí fáìlì tó sọnù kì í ṣe ìdí tí wọn yóò gbà, nítorí wọ́n ka títọ́jú ẹ̀dà sí ojúṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ní láti ka òfin yẹn ṣáájú, kó sì fi ibi tí iṣẹ́ bá dé ránṣẹ́ kí àkókò tó pé, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ máa ń yọ máàkì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ bá fi pẹ́.

Olùkọ́ ọmọ wa fèsì ní alẹ́ ọjọ́rú: “Mo ti rí i. Aago mẹ́wàá ọjọ́ Ajé, kó má kọjá bẹ́ẹ̀.” Ọmọ náà dá a lóhùn ní gbólóhùn kan, ó dúpẹ́, ó sì tún wákàtí àti ọjọ́ náà kọ. Ó wá tẹ èsì olùkọ́ sórí bébà. Akọ̀wé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń gba iṣẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tó mọ̀ ni pé agogo mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti di pípadé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí ọmọ náà gbé iṣẹ́ dé iwájú tábìlì rẹ̀, èsì olùkọ́ ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, ó fi pín-ìnnì so wọ́n pọ̀. Akọ̀wé kà á, ó kọ wákàtí sí i, ó ní kó buwọ́ lùwé.